Ọ̀rọ̀ Nípa Òǹkọ̀wé Lẹ́yìn Ìwé: Ìtọ́sọ́nà fún Apòògùn Tó Kọ Ìwé Ìtàn Àròsọ Àkọ́kọ́

Ìbéèrè kan náà ni àwọn apòògùn tó ń gbé ìwé ìtàn àròsọ wọn àkọ́kọ́ wá fún mi láti ṣàtúnṣe máa ń bi mí nígbà tí iṣẹ́ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí: "Kí ni kí n kọ nípa ara mi sí ẹ̀yìn ìwé?" Wọ́n ti kọ odindi ìwé láìbẹ̀rù, ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ kan ṣoṣo yìí lè dá wọn dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo rò pé mo mọ ohun tó fà á. Iṣẹ́ wọn ti mú kí ìwé tí a fi ń wá iṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, èyí tó kún fún oyè àti ọdún, ó sì ti kọ́ wọn pé ohun tí aláìsàn bá sọ lójú fèrèsé tí a ti ń gba oògùn kò gbọdọ̀ jáde níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ nípa òǹkọ̀wé kò fẹ́ ti àkọ́kọ́, kò sì gbọdọ̀ rú ti èkejì, nítorí náà wọn kò mọ ohun tó kù tí wọ́n lè kọ.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ náà ní èdè Yorùbá, pàápàá tí àìsàn tàbí ilé ìwòsàn bá wà nínú ìtàn rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti máa ń wọ́n owó jù.

## Kí ẹ tó kọ ohunkóhun

Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń ya èèpo ìwé léèrè ààyè tó fi sílẹ̀ fún yín. Tí ìwé yín bá jẹ́ ìwọ̀n A5, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ kò ju mìlímítà 148 ní ìbú àti 210 ní gígùn lọ, àkópọ̀ ìtàn ni yóò sì gba ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àmì onílà dúdú tó gbé nọ́ńbà ISBN yóò gba igun kan nísàlẹ̀, àwòrán yín yóò sì gba díẹ̀ nínú èyí tó kù. Ohun tó sábà máa ń ṣẹ́ kù fún yín ni ìlà márùn-ún sí mẹ́jọ, ìyẹn nǹkan bí àádọ́ta sí ọgọ́rin ọ̀rọ̀.

Ẹ má ṣe kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ tó wá túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kéékèèké pọ̀ nínú Yorùbá, nítorí náà ohun tó gba ìlà márùn-ún ní Gẹ̀ẹ́sì lè gba méje ní Yorùbá, ẹni tó ń ya èèpo yóò wá sọ lẹ́tà rẹ̀ di kékeré débi pé àmì ohùn kò ní hàn mọ́. Yorùbá ni kí ẹ fi kọ ọ́, Yorùbá náà ni kí ẹ sì fi ka iye ìlà rẹ̀.

Ẹ kó àwọn nǹkan wọ̀nyí sójú kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀:

- orúkọ yín gan-an bí yóò ṣe wà níwájú ìwé, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀;
- àkópọ̀ ìtàn tí yóò wà lẹ́yìn ìwé kan náà, kí ẹ má baà tún ohun tó ti sọ sọ;
- ìlú tí kò bà yín lẹ́rù pé kí àjèjì mọ̀ pé ẹ ń gbé tàbí ẹ ti ń ṣiṣẹ́;
- ọdún tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ apòògùn.

## Ìgbésẹ̀ mẹ́fà

1. Ẹ kọ orúkọ láìsí oyè, kí ẹ sì pe ara yín ní "ó".

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ apòògùn ní Nàìjíríà kì í kọ orúkọ wọn sórí ohunkóhun láìfi oyè iṣẹ́ ṣáájú rẹ̀, èyí sì tọ́ nínú ìpàdé ẹgbẹ́ àti lórí ìwé ibi iṣẹ́. Lẹ́yìn ìwé ìtàn àròsọ, orúkọ tó wà níwájú ìwé ni kí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, láìyí ohunkóhun padà. Gbólóhùn àkọ́kọ́ yóò sọ iṣẹ́ yín, kò sì sí ìdí tí a ó fi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí ìlà kò tó.

Ọ̀rọ̀ "ó" àti "wọ́n" máa ń fa àríyànjiyàn láàárín èmi àti àwọn tó dàgbà jù mí lọ. Ẹ̀tọ́ ni kí èmi pè yín ní "wọ́n", ṣùgbọ́n òǹkàwé mọ̀ pé òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń kọ ìpínrọ̀ yìí, yóò sì dà bí ẹni tó ń bu ọlá fún ara rẹ̀. Ìdí kejì tún lágbára ju ìyẹn lọ: nínú ìpínrọ̀ tí aláìsàn wà nínú rẹ̀, "wọ́n" máa ń da ọ̀rọ̀ rú. Ẹ wo gbólóhùn tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí mi rí, "Ìtàn tí àwọn aláìsàn wọn sọ fún wọn ni wọ́n kọ." Ta ló sọ, ta ló sì kọ? "Ó" kò ní mú irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ wá.

2. Ẹ sọ iṣẹ́ yín lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò ní ṣì í gbọ́.

Nínú èdè wa, "oògùn" ni èyí tí a gbé mì fún orí fífọ́, òun náà ni èyí tí wọ́n sin mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. Tí ẹ bá kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé ìtàn àròsọ pé òǹkọ̀wé "ń po oògùn ní Ìbàdàn", ẹni tó kọ́kọ́ mú ìwé náà lórí àtẹ lè rò pé elégbògi tàbí adáhunṣe ló kọ ọ́, yóò sì máa retí irú ìtàn mìíràn. Ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ló ń mú ìṣòro yìí kúrò. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ mọ́ ọn: "apòògùn ní ilé ìwòsàn", "apòògùn ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn òyìnbó", tàbí "apòògùn tó ní ilé ìtajà oògùn òyìnbó". Ibi iṣẹ́ náà ni yóò ṣàlàyé oògùn tí ẹ ń sọ.

Ẹ má ṣe fi "ó ní kẹ́mísì" dípò rẹ̀ nítorí pé ó rọrùn láti gbọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní kẹ́mísì ni ìsọ̀ àwọn tó gba ìwé àṣẹ láti ta ìwọ̀nba oògùn tí a kì í gba ìwé dókítà fún, iṣẹ́ tiwọn sì yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí ẹ kọ́ ní yunifásítì.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí fún àwọn ọ̀dọ́. Òfin Nàìjíríà fi orúkọ apòògùn sílẹ̀ fún ẹni tí PCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà, bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́, tàbí tó wà nínú ọdún ìkọ́ṣẹ́ tó tẹ̀ lé oyè àkọ́kọ́, kò tíì lè pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ìwé tí yóò wà títí. Tí ẹ bá ti gboyè, ẹ kọ "ó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ ìpoògùn", ìyẹn jẹ́ òtítọ́ lónìí, yóò sì jẹ́ òtítọ́ lọ́la.

3. Ẹ wá ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ yín ń ṣe.

Ìgbésẹ̀ yìí ló gba àkókò jù, òun náà ni mo fẹ́ràn jù. Òǹkàwé kò lè rí "ìmọ̀", "ìfarajìn" tàbí "ìrírí ọdún gbọọrọ", ṣùgbọ́n ó lè rí ọwọ́. Apòògùn kan tí mo bá ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan nínú iṣẹ́ òun tó yẹ láti kọ sí ẹ̀yìn ìwé. Mo ní kí ó sọ ohun tó ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà nìkan, láìfi oyè sí i. Ó mú bébà kan lórí tábìlì mi, ó fa ìlà kan sí apá òsì, ó fi ààyè sílẹ̀ láàárín, ó sì fa ìlà mìíràn sí apá ọ̀tún. Ó ní, "Báyìí ni mo ṣe máa ń kọ ọ́ sórí àpò oògùn fún ẹni tí kò mọ ìwé kà: ìlà kan fún àárọ̀, kò sí nǹkan kan lọ́sàn-án, ìlà kan fún alẹ́." Lójú mi, ọ̀rọ̀ nípa òǹkọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Tí kò bá wá lọ́kàn yín kíákíá, ẹ rántí ọjọ́ iṣẹ́ kan láti òwúrọ̀. Ẹlòmíràn ń fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ka hóró oògùn ní márùn-ún márùn-ún lórí àwo. Ẹlòmíràn ló ń wo ẹ̀rọ amóhuntutù láràárọ̀, kí ínsúlínì má baà kúrò láàárín ìwọ̀n òtútù 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹlòmíràn ló máa ń pe dókítà padà nítorí oògùn méjì tí kò gbọdọ̀ pàdé nínú ara ènìyàn kan. Ẹ mú ẹyọ kan. Méjì yóò di àkójọ, mẹ́ta yóò di ìwé tí a fi ń wá iṣẹ́.

4. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aláìsàn sílẹ̀ pátápátá.

Ohun tí ọwọ́ yín ṣe jẹ́ tiyín, ẹ lè kọ ọ́. Ohun tí ẹnu aláìsàn sọ, oògùn tó gbà, àti àrùn tó mú un wá kì í ṣe tiyín, ẹ kò sì lè fi í ta ìwé. Ẹ kò ní láti dárúkọ ẹnì kan kí ó tó di pé ẹ ti tú àṣírí rẹ̀. Gbólóhùn bíi "ìtàn àwọn aláìsàn rẹ̀ ló bí ìwé yìí" dùn létí, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ti gba oògùn lọ́wọ́ yín rí yóò ṣí ìwé náà láti wá ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Màmá kan tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru yóò ka ìtàn màmá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, yóò sì dá a lójú pé òun ni, bí ẹ tilẹ̀ ti kọ ọ́ kí ẹ tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ má ṣe dárúkọ ẹ̀ka tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn tí ẹ̀ka náà bá jẹ́ ti àrùn kan ṣoṣo. Ní ìlú tó jẹ́ pé ibì kan péré ni wọ́n ti ń fún àwọn tó ní kòkòrò HIV ní oògùn, ẹni tó bá kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé pé ibẹ̀ ni òun ti ń ṣiṣẹ́ ti nàka sí gbogbo ẹni tó ń tò síbẹ̀. "Ilé ìwòsàn kan" ti tó. Orúkọ ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ tún nílò ìyọ̀ǹda àwọn ọ̀gá yín, wọ́n sì lè má fẹ́ kí orúkọ wọn wà lórí ìtàn tí dókítà inú rẹ̀ ń gba rìbá. Ó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi rí pé wọ́n ní kí òǹkọ̀wé kan lẹ bébà mọ́ ẹ̀yìn gbogbo ẹ̀dà tó ti tẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré.

Láti mọ̀ bóyá gbólóhùn kan yè, ẹ bi ara yín pé: tí aláìsàn kan bá ka èyí, ṣé ó lè sọ pé "èmi ni wọ́n ń bá wí"? Tí ìdáhùn bá jẹ́ "bóyá", ẹ pa á rẹ́.

5. Ẹ sọ pé ìwé àkọ́kọ́ ni, láìtọrọ àforíjì.

"Èyí ni ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́" ti tó. Kò sí ìdí láti fi kún un pé ẹ "gbìyànjú" tàbí pé ẹ kì í ṣe òǹkọ̀wé gidi. Ẹni tó fẹ́ ra ìwé náà kò tíì ka ojú ìwé kan, ẹ sì ti ń sọ fún un pé kí ó má retí púpọ̀. Tí ìtàn kúkurú yín bá ti jáde nínú ìwé ìròyìn rí, ẹ dárúkọ ibi tí ó ti jáde. Tí kò bá sí, ẹ má ṣe wá nǹkan dí àlàfo náà; ìdíje tí ẹ kópa nínú rẹ̀ láìgba ẹ̀bùn kò yẹ ní ẹ̀yìn ìwé.

6. Ẹ yọ ohun tí yóò yí padà kí ìwé tó tán lórí àtẹ.

Ìwé ìtàn àròsọ lè wà lórí àtẹ fún ọdún mẹ́wàá. Ọjọ́ orí yín yóò yí padà, iye ọmọ yín náà lè yí padà. "Ó ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́tàlá" yóò di irọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n "láti ọdún 2011" kì í gbó. Nọ́ńbà fóònù kò yẹ níbẹ̀ rárá, nítorí àwọn ènìyàn yóò máa pè yín lóru láti béèrè oògùn ikọ́.

## Àpẹẹrẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Apòògùn tó fa ìlà sórí bébà mi yẹn ló ni àpẹẹrẹ yìí. Ó gbà kí n lò ó, mo sì ti pààrọ̀ orúkọ àti àwọn ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi dá a mọ̀. Ìtàn rẹ̀ dá lórí ìyálọ́jà kan tó ń fi ẹ̀jẹ̀ ríru pamọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ nìyí:

> Apòògùn Lágbájá Tàmẹ̀dù ni a bí sí ìdílé olókìkí kan ní Ìṣẹ́yìn. Wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ ìpoògùn ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n sì tún gba oyè kejì níbẹ̀. Wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àwọn apòògùn, wọ́n sì ti lọ sí oríṣiríṣi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nílé àti lókè òkun. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń fi oògùn wo ara sàn, nísinsìnyí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ wo ọkàn sàn. Ìtàn tí àwọn aláìsàn wọn sọ fún wọn ni ó bí ìwé yìí. Wọ́n fẹ́ràn ìwé kíkà, orin àti ìrìnàjò. Wọ́n ti ṣègbéyàwó, Ọlọ́run sì ti fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ ni, ọgọ́ta sí àádọ́rin ni ẹni tó ń ya èèpo sì fún un. A bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Oyè iwájú orúkọ kọ́kọ́ lọ, "wọ́n" di "ó". Gbólóhùn nípa yunifásítì, oyè kejì àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣòro fún un láti fi sílẹ̀, ó sì yé mi: ọdún pípẹ́ ni wọ́n gbà á, owó bàbá rẹ̀ sì lọ sí i. Mo bi í bóyá ẹni tó mú ìwé náà ní ìsọ̀ ìwé yóò gbà á gbọ́ sí i nítorí oyè kejì. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fa ìlà sí i.

Gbólóhùn "ó ń fi oògùn wo ara, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ wo ọkàn" ló kàn. Mo fẹ́ kí gbogbo apòògùn tó ń ka èyí mọ̀ pé ẹ̀dà rẹ̀ ló ń wá sọ́dọ̀ mi látọ̀dọ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú yín. Kò burú nígbà àkọ́kọ́ tí ẹnì kan sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó bá apòògùn yòówù mu, ó bá dókítà àti nọ́ọ̀sì mu pẹ̀lú, nítorí náà kò sọ ohunkóhun nípa yín. Ó tún ń ṣèlérí pé ìwé náà yóò wo ènìyàn sàn, bẹ́ẹ̀ ìtàn tirẹ̀ parí pẹ̀lú òkú.

Gbólóhùn nípa àwọn aláìsàn jẹ́ ewu gidi nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru inú ìtàn. Mo bi í pé níbo gan-an ni ìyálọ́jà inú ìwé náà ti wá. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì sọ pé kì í ṣe ilé ìwòsàn. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ òfì ní Ìṣẹ́yìn. Abẹ́ àtẹ yẹn ni òun máa ń sùn lọ́sàn-án nígbà tó wà ní kékeré, tí àwọn oníbàárà yóò máa sọ̀rọ̀ ọkọ, ọmọ àti gbèsè lókè orí òun. Gbólóhùn nípa aláìsàn tó kọ́kọ́ kọ ti fi ogún tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń jẹ́rìí sí àwọn aláìsàn pé tiwọn ni òun kó. Ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè, nítorí náà a ka gbólóhùn tuntun náà sí i létí lórí fóònù kí a tó fi sílẹ̀, ó sì gbà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ìwé náà nìyí:

> Lágbájá Tàmẹ̀dù jẹ́ apòògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Ìbàdàn. Láti ọdún 2011 ni ó ti ń fa ìlà àárọ̀ àti ìlà alẹ́ sórí àpò oògùn fún àwọn tí kò mọ ìwé kà. Ìdí àtẹ aṣọ òfì ìyá rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn ni ó ti ń gbọ́ ìtàn kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ ìwé kà. Èyí ni ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ 63 ni. "Ilé ìwòsàn ìjọba" mú ìtumọ̀ kejì "oògùn" kúrò láìfi àlàyé kún un. "Àwọn tí kò mọ ìwé kà" pọ̀ níye débi pé kò sí ẹnì kan tó lè sọ pé òun ni, bẹ́ẹ̀ ìlà méjèèjì hàn kedere sí ojú. Àtẹ aṣọ sì ti mú òǹkàwé lọ sí ọjà kí ó tó ṣí ìwé, láìfọwọ́ kan ìtàn tí àkópọ̀ òkè ti sọ.

## Àṣìṣe méjì tí kò hàn ní kíákíá

Èkínní ni kí apòògùn fi iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́rìí sí oògùn inú ìtàn, bíi "gẹ́gẹ́ bí apòògùn, gbogbo ohun tó kọ nípa oògùn nínú ìwé yìí péye". Ẹ̀dá inú ìtàn lè lo oògùn lọ́nà tí kò tọ́ nítorí pé ìtàn fẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ òǹkàwé tó rí ẹ̀rí yín lẹ́yìn ìwé lè ṣe bíi tirẹ̀.

Èkejì ni kí ẹni tó ní ilé ìtajà oògùn tirẹ̀ dárúkọ ìsọ̀ àti àdúgbò rẹ̀. Ìpolówó ọjà ni yóò dà bí, ìwé yóò sì ṣì wà nígbà tí ìsọ̀ bá ti kó lọ síbòmíràn. "Ó ní ilé ìtajà oògùn òyìnbó ní Abẹ́òkúta" ti tó.

## Tí èyí kò bá bá yín mu

Ìwé yín kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú àìsàn. Ẹ ṣì lè dárúkọ iṣẹ́ yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ó mọ sí ìdajì gbólóhùn, kí ẹ fi èyí tó kù sórí ibi tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀ àti ohun tó so yín pọ̀ mọ́ ibẹ̀.

Ẹ ń lo orúkọ mìíràn. Ìlú, irú ilé ìwòsàn àti ọdún ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lápapọ̀ lè tú orúkọ yín síta fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín. Ẹ mú ẹyọ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi méjì sílẹ̀.

Òkè òkun ni ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ dárúkọ ìlú tí ẹ wà àti ìlú tí ẹ ti wá: "Apòògùn ni ní Lọ́ńdọ̀nù, Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà." Òǹkàwé ìwé Yorùbá máa ń fẹ́ mọ ìlú abínibí, nítorí ẹ̀ka èdè tó máa bá nínú ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀dá ìtàn.

Ààyè kò tó ìlà mẹ́ta. Ẹ lo èyí: "Lágbájá Tàmẹ̀dù jẹ́ apòògùn ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn. Èyí ni ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́." Ẹ tọ́jú rẹ̀ láti ìsinsìnyí, nítorí ilé ìtàwé orí ẹ̀rọ ayélujára àti olùṣètò ìfilọ́lẹ̀ ìwé yóò béèrè irú rẹ̀.

## Kí ó tó wọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé

Ẹ ka ìpínrọ̀ náà sókè fún ẹnì kan níbi iṣẹ́ yín, kí ẹ sì bi í bóyá ó dá aláìsàn kankan mọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ tún kà á fún ẹnì kan tí kò mọ iṣẹ́ yín rárá, kí ẹ ní kí ó sọ iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé ń ṣe. Tí ó bá sọ pé elégbògi ni, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè fún PDF èèpo ìwé, kí ẹ sì tẹ ojú ìwé ẹ̀yìn yẹn sórí bébà ní ìwọ̀n tó máa jẹ́ gan-an. Ẹ má ṣe wò ó lórí fóònù nìkan. Àwọn fọ́ǹtì kan tó rẹwà kò mọ bí a ti ń gbé àmì ohùn lé orí ẹ àti ọ tó ní àmì nísàlẹ̀; ẹ ó rí i pé àmì náà ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí pé àpótí kékeré ló wà níbi tí lẹ́tà yẹ kí ó wà. Ẹ fi ìka tẹ̀ lé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ yín, kí ẹ sì fi wé iwájú ìwé. Tí fọ́ǹtì náà bá kọ̀, ẹ ní kí wọ́n lo èyí tí wọ́n lò fún inú ìwé, nítorí ìyẹn ti gbé ọ̀pọ̀ ojú ìwé Yorùbá já. Ẹ wo òǹkà ọdún tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tó fọwọ́ sí i.